Ẹ̀bẹ̀ Ọkọ́ Tó Pẹ́

Ògúlùtu amọ̀ kan ni Assana dì mọ́ etí ìró rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ bẹ àwọn ará Bàsílà. Kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀ ó wúwo ju irin lọ. Bí ó bá gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn tí ó sì dárúkọ ẹnì kan, ilé ẹni náà lè dahoro kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí ó sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Àwọn Faransé kò tíì dé apá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ọkọ Assana, Soulé, ni alágbẹ̀dẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Mànígrì. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Òòlù ni ẹnu rẹ̀. Assana ló ń pàdé àwọn oníbàárà, òun ló ń gba iṣẹ́, òun ló ń dá ọjọ́. Lọ́dún tí à ń wí yìí, Baba Oumarou, olórí àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ pọ̀ ní Bàsílà, wá bá a pé ogójì ọkọ́ ni àwọn ń fẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé àgbẹ̀ yóò yọ ọkọ́ tí ilẹ̀ ti jẹ kúrò lára èèkù, yóò kó o fún alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ yóò fi irin tuntun kún ti àtijọ́, yóò sì rọ méjèèjì di ọ̀kan. Èèkù lásán ni yóò kù sílé àgbẹ̀, tí yóò fara ti ògiri bí apá tí kò lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó kó ọkọ́ rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló kó fún un.

"Ìgbà wo ni kí a máa retí?" ni Baba Oumarou bi í.

"Kí òjò ìkẹyìn tó dá," ni Assana dáhùn. Kò bojú wẹ̀yìn bi Soulé. Ó mọ̀ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì rọ̀ ni ebè iṣu ṣeé kọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ilẹ̀ Bàsílà á di àpáta. Ó fẹ́ kí inú àgbàlagbà náà dùn, ó sì sọ ohun tí yóò dùn mọ́ ọn nínú.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò obì kan tí wọ́n gba ọ̀nà Alédjo wọlé ní kí Soulé bá àwọn rọ ọ̀kọ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù wọn. Soulé pa ọkọ́ tì, ó rọ ọ̀kọ̀ fún wọn. Ó ní àyè ṣì wà. Èédú rẹ̀ wà nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà, igi tútù tó tò jọ, tó dáná sí, tó fi koríko àti erùpẹ̀ bò, tó sì fi ògúlùtu amọ̀ ọ̀gán dí gbogbo ihò rẹ̀ pa, kí iná inú rẹ̀ lè kú jẹ́jẹ́ kí igi sì di èédú. Bí a bá ṣí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kí ó tó tutù, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á sì jóná di eérú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Soulé lọ kó èédú rẹ̀, eérú ló bá. Ẹnì kan ti ṣí àwọn ihò náà. Kì í ṣe ẹranko, kì í sì í ṣe ọmọ aláìmọ̀kan, nítorí pé ẹni náà yọ àwọn ògúlùtu náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, bí wọ́n ṣe ń to iṣu sórí àtẹ.

Soulé dúró, ó ń wo amọ̀ náà. 

"Ọwọ́ tí mo kọ́ ni," ni ó wí.

Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Assana ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ Soulé nìkan ló ń to amọ̀ báyẹn, nítorí pé Soulé máa ń gbá ọmọ iṣẹ́ tó bá ju amọ̀ káàkiri létí. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ ni Mamoudou. Bàsílà ló sì lọ dá àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀.

Assana ti fún Mamoudou lóúnjẹ láti ìgbà tí kò tíì lè gbé òòlù. Ó ti fi òrí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí irin gbígbóná já lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èyí tó kéré jù nínú àwọn ògúlùtu náà, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. "Ọlọ́run tó ń rí ibi ìkọ̀kọ̀," ni ó wí nínú ọkàn rẹ̀, "jẹ́ kí iná rẹ̀ kú bí o ṣe rí i tí ó pa tiwa. Jẹ́ kí ewìrì rẹ̀ ya. Jẹ́ kí ó dúró láàárín ọjà kí ó má mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Kí n sì wà níbẹ̀, Olúwa, kí n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Wọ́n tún gé igi, wọ́n tún dá èédú mìíràn. Òjò ìkẹyìn rọ̀, ó dá. Ọjọ́ tí Assana dá pé, ó sì kọjá, kò sì sí ẹnì kan láti Mànígrì tó lọ sọ nǹkankan fún àwọn ará Bàsílà. Ojú ń ti Soulé. Ní ti Assana, inú ń bí i débi pé kò rántí pé àwọn kan ń retí.

Àwọn obìnrin tó lọ ta èlùbọ́ iṣu ní ọjà Bàsílà ló mú ìròyìn bọ̀. Mamoudou ti ń sọ kiri pé, "Irin yín dà? Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi rọ fún àwọn olóbì! Ẹ máa fi èékánná kọ ebè." Ó sì ní ọkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ rọ nílẹ̀, ẹni tí kò bá lè dúró kí ó wá rà á.

Ohun tó dun Assana jù ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́.

*

Láàárín wa, ẹni tó jẹ̀bi kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ oníbàárà. Alágbàsọ ni yóò bá a bẹ̀ ẹ́. Alágbàsọ yóò dúró níwájú, ẹlẹ́bi yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìbo orí, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu títí ẹni tí a ń bẹ yóò fi bi í léèrè. Baba Sànní ni alágbàsọ tí àwọn ènìyàn máa ń wá ní Mànígrì. Arúgbó ni, eyín rẹ̀ kò pé mọ́, ó gbọ́ èdè wa ó sì gbọ́ èdè àwọn ará Bàsílà. Assana bá a níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀pà.

"Baba, ẹ kú ìjókòó o. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa rán ọ̀rọ̀ lọ sí Bàsílà."

"Mo ti ń retí rẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ìyàwó wa. Jókòó. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Assana kò jókòó. "Ẹ sọ fún wọn pé Mamoudou ọmọ aláìmoore ló sun èédú wa. Ẹ gbé amọ̀ yìí hàn wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n lé e jáde, kí wọ́n da omi sí iná rẹ̀, kí wọ́n—"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n má bínú pé ọkọ́ pẹ́."

Baba Sànní ju ẹ̀pà kan sẹ́nu, ó fi èrìgì rẹ̀ lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹrù méjì lo fẹ́ kí n fi orí kan rù yẹn. Bí mo bá kó ẹ̀sùn àti ẹ̀bẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn pọ̀, ẹ̀sùn ni wọn yóò gbé, ẹ̀bẹ̀ á wà nílẹ̀. Wọn á gbádùn ìjà náà dáadáa. Àmọ́ bí ìjà bá parí, èèkù wọn á ṣì wà lára ògiri. Assana, kí ló dé tí ọkọ́ pẹ́?"

"Iná jẹ èédú wa, Baba."

"Iná jẹ èédú. Ṣé iná náà ló dí yín lẹ́nu?"

Baba Sànní bó ẹ̀pà mìíràn.

"Ọjọ́ tí èédú jóná, ẹ mọ̀ pé ọkọ́ kò ní bá ọjọ́ mọ́. Ta ni ẹ sọ fún? Ta ló sì dá ọjọ́ láìbi alágbẹ̀dẹ? Ta ló pa ọkọ́ tì nítorí ọ̀kọ̀?"

"Ẹ ti wá ń ṣe ti Mamoudou nìyẹn!"

"Kí ẹ̀pà yìí há mi lọ́fun bí mo bá ń ṣe tirẹ̀." Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí Mamoudou ṣe, ìwọ àti rẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ṣe sí àwọn ará Bàsílà, ẹ̀yin àti wọn ni. Ẹni tí ebi ń pa kò fẹ́ mọ ẹni tó da ọbẹ̀ nù. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí òun yóò jẹun. Jókòó, kí a to ọ̀rọ̀ náà."

Assana jókòó. Ó ránṣẹ́ pe Soulé. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀, bí ẹni ń to igi èédú, èyí tó bá wọ́, arúgbó náà á ní kí wọ́n yọ ọ́. Assana fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó dá àwọn lójú pé inú àwọn ará Bàsílà yóò yọ́. Baba Sànní ní rárá, a kì í sọ fún ẹni tó ń bínú bí inú rẹ̀ ṣe máa rí. Assana fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọkọ́ tó kù yóò dé ní ọjà tó ń bọ̀. Baba Sànní yíjú sí Soulé.

"Alágbẹ̀dẹ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Soulé wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kì í ṣe ọjà tó ń bọ̀. Ọjà tó tẹ̀ lé e."

"Èyí ni a ó sọ. Ọjọ́ tó jìnnà tó sì pé sàn ju ọjọ́ ìtòsí tó tún máa yẹ̀. Ẹ ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì ni yóò di orúkọ yín. Ó dáa. Kí ni ẹ máa fi tún un ṣe?"

"A ó fi obì bẹ̀ wọ́n," ni Assana wí.

"Ṣé obì ni yóò kọ ebè? Kí ni wọ́n pàdánù?"

Assana ronú. "Wọ́n pàdánù ìgbà tí ilẹ̀ rọ̀."

"Ẹ dá ìyẹn padà fún wọn."

Ẹ̀rín pa Soulé, èyí tó ṣọ̀wọ́n. "Baba, ta ló lè dá òjò padà?"

"N kò sọ pé òjò. Ilẹ̀ líle kò ju kí a rí apá púpọ̀ lọ. Apá mélòó ló wà nínú agbo ilé yín?"

*

Báyìí ni wọ́n ṣe dé abẹ́ igi oṣè tó wà lẹ́bàá ọjà Bàsílà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Baba Sànní wà níwájú, Soulé àti Assana dúró lẹ́yìn rẹ̀, Soulé ṣí fìlà, Assana tú gèlè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin agbo ilé wọn gbé ọkọ́ tó ti parí wá, wọ́n tò wọ́n sórí ẹní. Kò tó ìdajì. Baba Oumarou jókòó pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ rẹ̀, ojú wọn le. Opó kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Djamilatou, tó ń dáko fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí kò mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe mú tó. Lẹ́yìn gbogbo wọn, Mamoudou fara ti igi, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Baba Sànní fi èdè wọn sọ ọ́, ó sì fi tiwa tún un sọ, kí ẹlẹ́bi lè gbọ́ ohun tí a ń sọ lórúkọ rẹ̀.

"Soulé àti Assana ará Mànígrì ní kí n kí yín. Wọ́n ní ọkọ́ yín kò bá ọjọ́ mọ́. Assana ló dá ọjọ́ láìbi ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Soulé ló pa iṣẹ́ yín tì díẹ̀ nítorí iṣẹ́ mìíràn, ó gbà pé àyè wà. Lẹ́yìn náà iná jẹ èédú wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé yóò pẹ́, wọn kò wá sọ fún yín. Ẹ̀yin ń wo ọ̀nà, ilẹ̀ ń le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Wọ́n ní àwọn jẹ̀bi. Wọ́n ní irin yín pé lọ́wọ́ àwọn, kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó di ọ̀kọ̀."

"Irọ́!" ni Mamoudou kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ bi wọ́n bóyá irin ń bímọ, tí wọ́n fi rí irin ọ̀kọ̀! Ìyá, ẹ káàbọ̀ o. Gèlè yín dà? Ṣé òun náà ni ẹ fi rọ ọ̀kọ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ru sí Assana lórí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí ìró rẹ̀, ó di ògúlùtu náà mú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ̀rín yẹn yóò sì di igbe. Ó la ẹnu. Baba Sànní kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bo ìkòkò. Assana pa ẹnu dé. Ó fún amọ̀ náà mọ́ ọwọ́ títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi gé e.

"Ohun tí wọn yóò ṣe rèé," ni arúgbó náà ń bá a lọ, bí ẹni pé eṣinṣin ló kùn. "Àwọn ọkọ́ wọ̀nyí ti parí, Baba Oumarou ni yóò pín in, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ le jù ni kí ó kọ́kọ́ fún. Èyí tó kù yóò dé ní ọjà kejì sí òní. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró mọ́, kí ó sọ ọ́: wọn yóò gbé irin rẹ̀ padà fún un bó ṣe wúwo tó, láìsí ìjà, láìsí ìbínú. Ẹni tó bá sì dúró, àwọn ọkùnrin agbo ilé alágbẹ̀dẹ yóò bá a kọ ebè títí oko rẹ̀ yóò fi bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ àti ọkọ́ wọn ni wọn yóò fi ṣe é. Wọ́n ní kí ẹ má dárí jì wọ́n lónìí bí kò bá wá láti ọkàn yín. Kí ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́."

 Djamilatou ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó gbé ọkọ́ kan, ó fi ìka ta á, ó gbọ́ bí ó ṣe dún.

"Ọkọ́ gidi ni," ni ó wí. "Ẹ̀bẹ̀ yín pẹ́ ju ọkọ́ yín lọ, ṣùgbọ́n òun náà dún dáadáa. Oko tèmi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì kìlọ̀ fún yín, ilẹ̀ mi kò mọ ojú àlejò."

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n irú mìíràn ni. Baba Oumarou yíjú sí Assana. "Ìwọ obìnrin, ṣé òótọ́ ni ohun tí baba yìí sọ?"

Wọ́n ti bi í léèrè. Ó lè sọ̀rọ̀ wàyí.  Mamoudou rí ọwọ́ Assana níbi etí ìró, ó rí erùpẹ̀ pupa tó ń yọ láàárín ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó mọ amọ̀ ọ̀gán. Assana wò ó títí. Ó rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù náà sì dùn mọ́ ọn bí oyin.

"Òótọ́ ni, Baba," ni ó dáhùn. "Kò yọ nǹkankan kù nínú ohun tí àwa ṣe."

Ó tẹnu mọ́ "àwa" náà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ará Bàsílà tó wà lábẹ́ igi yẹn ló mọ ìdí rẹ̀.

*

Wọ́n kọ ebè. Ilẹ̀ Djamilatou kò mọ ojú àlejò lóòótọ́. Ó bó àwọn ọ̀dọ́kùnrin Mànígrì lọ́wọ́. Obìnrin náà ń rìn lẹ́yìn wọn, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, "Ẹ rọra o, ará ilé alágbẹ̀dẹ, ebè ni mo ní kí ẹ kọ, kì í ṣe ibojì," síbẹ̀ ó ń bu omi fún wọn. Assana náà kọ ebè pẹ̀lú wọn. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ́ bá wọlẹ̀, ó ń rí orí ẹnì kan níbẹ̀. Kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Ó máa ń gbàdúrà rẹ̀ bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, kò sì dín ọ̀rọ̀ kan kù nínú rẹ̀. Ní ọjà kejì, ọkọ́ tó kù dé, ó pé. Kò sí àgbẹ̀ tó gba irin rẹ̀ padà.

Àwọn tó ti ra ọkọ́ Mamoudou ni wàhálà bá. Ó ti kánjú rọ wọ́n nígbà tó ń lé ọjà, kò jẹ́ kí irin mu iná tó. Bí ilẹ̀ ṣe ń le sí i, ọrùn ọkọ́ náà ń kán, èyí kán lónìí, òmíràn kán lọ́la. Wọ́n kó àfọ́kù wọn lọ dà sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Mamoudou ní ilẹ̀ wọn ló burú. Ó ní wọn kò mọ ọkọ́ lò. Wọ́n bá lọ bá Baba Oumarou. Àgbàlagbà náà sì pa á láṣẹ pé kí Mamoudou wá bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ lábẹ́ igi oṣè bí àwọn ará Mànígrì ti ṣe, àti pé bí ó ti jẹ́ ọ̀dọ́ alágbẹ̀dẹ, kí ọ̀gá tó yọ̀ǹda rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà àwọn alágbẹ̀dẹ rí: bí iṣẹ́ ọmọ bá kán, ọ̀gá ni yóò gbà pé òun yóò tún un ṣe. Bí ọ̀gá bá kọ̀, kò sí ẹni tí yóò tún gbé irin fún ọmọ náà mọ́.

Ó dé Mànígrì ní ọ̀sán. Soulé ń fẹ́ iná lọ́wọ́. Mamoudou dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, àyà rẹ̀ wà nínú èérún irin. Soulé kò dáwọ́ ewìrì dúró. Assana ló jáde.

"Ìyá, ẹ gbà mí," ni Mamoudou wí.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Wọ́n ní kí ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi."

"Mo ti gbọ́. Ó dáa kí ènìyàn ní ọ̀gá, àbí?" Assana tú etí ìró rẹ̀. Ó gbé ògúlùtu amọ̀ náà kalẹ̀ níwájú imú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò. "Kí nìyí?"

Ọkùnrin náà pa ojú dé.

"Mo bi ọ́ o. Ìwọ tí o lẹ́nu lábẹ́ igi. Ìwọ tí o bèèrè gèlè mi."

"Amọ̀ òkìtì èédú ni, Ìyá."

"Ta ló yọ ọ́?"

Ewìrì dúró.  "Èmi ni," ni Mamoudou wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú eérú. "Mo rò pé bí ọkọ́ yín bá pẹ́, wọn á wá sọ́dọ̀ mi. N kò rò pé ẹ máa mọ̀."

"O tò ó dáadáa," ni Soulé wí láti inú àgbẹ̀dẹ. "Ìyẹn ni a fi mọ̀."

Assana ti ronú nípa ọjọ́ yìí lórí ẹní, lójú ọ̀nà, nínú oko. Ó ti pèsè èébú sílẹ̀ fún un bí ẹni pèsè aṣọ ọdún. Ṣùgbọ́n ó rí i pé òun kò nílò rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ òun mú jù ú lọ.

"Ọkọ mi yóò dúró lẹ́yìn rẹ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í dúró lẹ́yìn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wà láàárín àwọn. Tiwa ni o kọ́kọ́ máa bẹ̀. Kì í ṣe níhìn-ín. Abẹ́ igi oṣè, lọ́jọ́ ọjà, níwájú àwọn tó bá ọ rẹ́rìn-ín. Baba Sànní ni yóò sọ ọ́. Ìwọ yóò ṣí orí rẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, o kò sì ní la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ ni yóò sọ: èédú, ọ̀kọ̀ tí o purọ́ mọ́ wa, ọrùn ọkọ́ tó kán. Arúgbó yẹn kì í yọ nǹkankan kù. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ìyá, wọn á pa mí."

"Wọn kò pa wá."

*

Ọjọ́ ọjà dé, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Baba Sànní sọ ọ́ ní èdè méjèèjì, kò kánjú, kò sì dín in kù. Nígbà tó dé ibi èédú, ariwo ta. Djamilatou bọ́ sàlúbàtà rẹ̀. Mamoudou dúró, orí rẹ̀ wà lásán nínú oòrùn, èébú ń rọ̀ lé e lórí bí òjò, kò sì gbọdọ̀ dáhùn ẹyọ kan. Assana jókòó lórí ẹní ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó wé gèlè tó dára jù tó ní. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ojú rẹ̀ sí ibòmíràn.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Soulé ní òun yóò tún àwọn ọkọ́ tó kán rọ, òun àti ọmọ náà. Baba Oumarou sì yíjú sí Assana. "Ìyá, ìwọ ńkọ́? Wọ́n ti bẹ̀ ọ́. Kí ni kí ó fi tún tìrẹ ṣe? Bí o bá ní kí ó kó kúrò ní ìlú yìí, a ó lé e."

Àdúrà rẹ̀ nìyẹn, tó dé bó ṣe béèrè rẹ̀. Iná Mamoudou lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí àpá iná àtijọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí òun fi òrí pa.

"Kí ni a pàdánù?" ni ó bi ara rẹ̀ sókè, ó sì rí i tí Baba Sànní fi eyín tí kò pé rẹ́rìn-ín. "Èédú ni. Kí ó dá èédú padà. Kí ó gé igi rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó tò ó, kí ó bò ó, lórí ilẹ̀ kan náà tí ó ti sun ún. Kí ó máa ṣọ́ ọ títí yóò fi tutù, kí ó sì dí ihò rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ yìí." Ó ju ògúlùtu náà sí i. Mamoudou hán an. "Èmi yóò sì wà níbẹ̀ láti wò ó."

Ó wà níbẹ̀. Ó jókòó lórí kùkùté lẹ́bàá ọ̀nà, ó da ẹ̀yìn sí òjìji, nígbà tí Mamoudou ń fi àáké bá igi tútù jà nínú ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè. Bí igi kan bá wọ́, Assana á ní kí ó yọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ sinmi, Assana á bi í bóyá ilẹ̀ Bàsílà ni wọ́n ti ń sinmi báyẹn. Ní ọ̀sán, ó dáná kékeré, ó sun iṣu kan, ó ha èèpo dúdú ara rẹ̀ dànù, ó bù ú sí méjì. Òórùn rẹ̀ gba inú igbó. Mamoudou gbé àáké sókè, kò wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè sódò.

Assana rọra jẹ ìdajì tirẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó mu omi.

Lẹ́yìn náà ló tó pè é pé kí ó wá jẹun.